Gíga òpó tẹlifóònù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀

Ìbéèrè: Àkànní dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú kan ní àdúgbò Adéníkẹ̀ẹ́, ó gbójú sókè wo ṣóńṣó orí òpó tẹlifóònù. Igun ìgbójúsókè tó rí jẹ́ 32°. Ó rìn tààrà sún mọ́ òpó náà ní mítà 30, ó tún wò ó, igun náà ti di 50°. Láti ilẹ̀ dé ojú Àkànní jẹ́ mítà 1.5. Báwo ni òpó náà ṣe ga tó? Ẹ fi ìdáhùn yín sí ojú dẹ́símà kan.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yàwòrán. Ẹni tí kò bá yàwòrán, inú òkùnkùn ló ti ń ṣe ìṣirò yìí. Ẹ pe ṣóńṣó òpó ní S. Ẹ fa ìlà kan láti ojú Àkànní lọ gbọọrọ, kó má gòkè, kó má sọ̀kalẹ̀, títí yóò fi kan òpó. Ẹ pe ibẹ̀ ní D. Ibi tí ojú rẹ̀ wà nígbà àkọ́kọ́ ni A, ti ẹ̀ẹ̀kejì ni B. Nítorí pé òpó dúró ṣánṣán, igun tó wà ní D jẹ́ 90°. Ẹ ti wá ní onígun mẹ́ta méjì báyìí, SDA àti SDB, àwọn méjèèjì sì jọ ń lo ẹ̀gbẹ́ SD.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á rí 30, wọ́n á rí 32°, wọ́n á sì yára kọ tan 32° = h/30. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mítà 30 yẹn kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kankan nínú onígun mẹ́ta méjèèjì. AB ni, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ AD àti ẹ̀gbẹ́ BD. Kò sẹ́ni tó wọn BD fún wa. Ní ti gidi, wọ́n sábà máa ń fi ọgbà yí irú òpó bẹ́ẹ̀ ká, èèyàn ò lè na téèpù dé ìdí rẹ̀; ohun tó jẹ́ kí Àkànní wò ó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. A óò pe BD ní x, AD á sì jẹ́ x + 30. A óò pe SD ní h.

Nínú sókátóà, tánjẹ́ńtì la máa lò. Ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun là ń wá, ẹ̀gbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun la sọ lórúkọ. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Nínú SDB: tan 50° = h/x, nítorí náà h = 1.1918x

Nínú SDA: tan 32° = h/(x + 30), nítorí náà h = 0.6249(x + 30)

h kan náà ni méjèèjì, ẹ jẹ́ ká so wọ́n pọ̀:

1.1918x = 0.6249x + 18.747
0.5669x = 18.747
x = 33.07
h = 1.1918 × 33.07 = 39.41

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú onígun mẹ́ta kejì: 0.6249 × 63.07 = 39.41. Ó bára mu.

Ẹ má tíì fàlà sábẹ́ ìdáhùn o. Láti ojú Àkànní sókè la ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n, ilẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀:

39.41 + 1.5 = 40.91

Gíga òpó náà jẹ́ mítà 40.9.

Ẹ má ṣe gé dẹ́símà kúrò kó tó tásìkò. Tí ẹ bá sọ x di 33 lójú ọ̀nà, mítà 40.8 lẹ máa rí, kò sì ní bá ti olùkọ́ mu. Igun tí a wọ̀n tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ: ká ní 51° ni Àkànní kà dípò 50°, òpó náà á fi bíi mítà kan ààbọ̀ kúrú sí i nínú ìṣirò wa.

Èyí tó kù, ẹ ṣe é láìfọwọ́ kan kakulétọ̀: ibo ló yẹ kí Àkànní dúró sí kí igun náà lè jẹ́ 45° géérégé? tan 45° jẹ́ 1, nítorí náà jíjìnnà rẹ̀ sí òpó gbọ́dọ̀ bá h dọ́gba, ìyẹn mítà 39.41. Láti B, á fà sẹ́yìn ní mítà 6.34.