Àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò sọ́fítíwíà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ́fíìsì wa ní Sábó la ti ṣe é. Ọ̀gá àyẹ̀wò àti aṣáájú àwọn akọ-kóòdù ló béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀gá: Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ṣé ọ̀nà ò le jù?

Olùwáṣẹ́: Ẹ ṣé mà. Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń bọ̀. A dúpẹ́, mo bá àkókò.

Ọ̀gá: Ó dáa. A ò ní bi yín ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Àwọn alájọ ló ń lo áàpù wa. Títí di ìsinsìnyí, alájọ á lọ bá oníbàárà ní ìsọ̀, á gba owó, á tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù. Èyí tí a fẹ́ gbé jáde báyìí ni pé kí áàpù máa yọ owó náà fúnra rẹ̀ láti inú àkáǹtì oníbàárà, lágogo mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́. Kò gbọ̀dọ̀ dín ní ₦500, kò gbọ̀dọ̀ ju ₦50,000 lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Báwo lẹ ṣe máa ṣètò àyẹ̀wò rẹ̀?

Olùwáṣẹ́: Kí n tó kọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n béèrè. Bí kò bá sí owó nínú àkáǹtì lágogo mẹ́fà, ṣé áàpù á tún gbìyànjú lọ́jọ́ yẹn, àbí ó di ọ̀la? Bó bá di ọ̀la, ṣé á kó ti àná mọ́ tòní? Èkejì, alájọ a máa mú owó ọjọ́ kan lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé nígbà tí oṣù ti dé ìdajì, ṣé odindi ọjọ́ kan náà ni alájọ á mú?

Akọ-kóòdù: Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó gbìyànjú, wákàtí méjì-méjì síra wọn, a ò sì ní kó ti àná mọ́ ọn. Ìbéèrè kejì yẹn… a ò tíì pinnu.

Olùwáṣẹ́: A jẹ́ pé òun ni màá kọ́kọ́ kọ sínú ètò nìyẹn, pẹ̀lú ẹni tó máa pinnu àti ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdáhùn. Bí a ò bá mọ iye tó yẹ kó jáde, kò sí bí mo ṣe lè sọ pé èyí tó jáde tọ̀nà.

Ọ̀gá: Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?

Olùwáṣẹ́: Ibi tí owó ti lè sọnù ni màá wò ṣáájú àwọ̀ bọ́tìnnì. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni yíyọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Sáfà wa ní kí báǹkì yọ ₦2,000, báǹkì yọ ọ́, àmọ́ nẹ́tíwọọ̀kì já kí èsì tó dé. Lójú tiwa, kò yọ. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, a tún ní kó yọ ọ́. Ẹni tó ń ta ata ní ọjà á wá rí i pé ₦4,000 ti lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbìyànjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà lọ sí báǹkì, kí báǹkì lè mọ̀ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Màá kọ báǹkì àfarawé kan tí á gba owó tán tí á sì dákẹ́, kí n wo ohun tí sáfà wa máa ṣe.

Akọ-kóòdù: Nọ́ńbà tuntun la ń ṣẹ̀dá nígbà kọ̀ọ̀kan báyìí.

Olùwáṣẹ́: Ẹ má dúró de àyẹ̀wò kí ẹ tó tún ìyẹn ṣe, ẹ jọ̀ọ́ sà.

Ọ̀gá: (ó rẹ́rìn-ín) Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Olùwáṣẹ́: Aago náà ńkọ́? Bí sáfà bá ń ka àkókò UTC, aago wa fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Mẹ́fà àárọ̀ níbí, 05:00 ni lọ́hùn-ún. Ìyẹn rọrùn. Àmọ́ bí oníbàárà bá yí iye àjọ rẹ̀ padà ní 00:30 lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta, oṣù kejì ni sáfà ṣì wà. Owó iṣẹ́ alájọ lè wá bọ́ sínú oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀. Màá fi 28 àti 29 oṣù kejì wò ó, àti ìparí oṣù tó ní ọjọ́ 31. Ní ti iye owó, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sójú pátákó:

```python
import pytest

@pytest.mark.parametrize("iye, gba", [
    (499, False), (500, True),
    (50000, True), (50001, False),
])
def test_iye_ajo(iye, gba):
    assert iye_ba_ofin_mu(iye) is gba
```

Etí ààlà ni àṣìṣe fẹ́ràn jù. Ẹni tó kọ `>` níbi tó yẹ kó kọ `>=` kò ní mọ̀ bí a bá fi ₦5,000 nìkan dán an wò.

Akọ-kóòdù: Tèmi ni pé kí ẹ̀rọ máa ṣe gbogbo àyẹ̀wò yìí. Kí la tún fẹ́ fi ènìyàn ṣe?

Olùwáṣẹ́: Mi ò fara mọ́ ọn sà. Ohun tí a ó máa ṣe léraléra, tí ìdáhùn rẹ̀ dájú, tí kò sì ní yí padà lọ́la, ìyẹn ni mo máa gbé fún ẹ̀rọ. Ìṣirò owó, ọjọ́, ìgbìyànjú mẹ́ta, nọ́ńbà ìdánimọ̀: gbogbo wọn ló wọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn ni màá sì ti yẹ̀ wọ́n wò, lára kóòdù àti sáfà, torí ó yá. Tí àyẹ̀wò tó ń tẹ ojú fóònù bá ti ju méjì mẹ́ta lọ, wàhálà ni. Ṣé ojú ibi tí oníbàárà ti máa fọwọ́ sí i ti dúró?

Ọ̀gá: Ayàwòrán wa ṣì ń yí i.

Olùwáṣẹ́: Èmi fúnra mi ni màá máa tẹ ìyẹn kiri, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ibi ìpamọ́ rẹ̀ ti kún. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì Yorùbá lè gba lẹ́tà 160. Tí ẹ bá ti fi ẹyọ `ẹ` tàbí `ọ` kan sí i, 70 ló kù, èyí tó bá lé di ojú-ìwé kejì, owó rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Kí ẹ̀rọ ka lẹ́tà yẹn ní gbogbo ìgbà tí a bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àmọ́ mo rí i nínú àpẹẹrẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pé «Owó rẹ ti kúrò» ló wà níbẹ̀. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn! Á tún rò pé olè ló kó o. Kò sí ẹ̀rọ tó máa pariwo lórí ìyẹn. Mo fẹ́ jókòó ti alájọ méjì àti oníbàárà díẹ̀, kí wọ́n ka á sókè fún mi.

Ọ̀gá: Bí àyẹ̀wò aládàáṣe kan bá yege lónìí tó kùnà lọ́la, tí ẹnì kankan ò fọwọ́ kan kóòdù?

Olùwáṣẹ́: Mi ò ní máa tún un ṣe títí á fi yege. Màá yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń dá iṣẹ́ dúró, kí orúkọ ẹnì kan àti ọjọ́ àtúnṣe wà lára rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, aago ni, tàbí àyẹ̀wò méjì tó ń lo oníbàárà kan náà.

Akọ-kóòdù: Ká ní ọjọ́ mẹ́ta péré la fún yín.

Olùwáṣẹ́: Màá yẹ yíyọ lẹ́ẹ̀mejì, ààlà owó àti ìparí oṣù wò, màá sì kọ ohun tí mi ò yẹ̀ wò sílẹ̀ kedere kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ ṣí i fún oníbàárà díẹ̀ ní ọjà kan, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì tí a lè fi dá yíyọ owó dúró wà lọ́wọ́, ká sì máa fi àkọsílẹ̀ báǹkì wé tiwa láràárọ̀. Ṣé báǹkì fún yín ní àyè ìdánwò?

Akọ-kóòdù: Ó wà. Ó sábà máa ń kú ṣáá ni.

Olùwáṣẹ́: Àfarawé yẹn ni màá kọ́kọ́ kọ nìyẹn.

Ọ̀gá: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ó gbọ́ wa lọ́jọ́bọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, ẹ bá wa tún un kọ kí ẹ tó lọ.