Ìròyìn Bí Iṣẹ́ Ṣe Ń Lọ: Ilé Ìyanja Etí Ọ̀sà, Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, 2025

Sí: Ẹ̀yin alábòójútó owó ìrànwọ́
Láti ọwọ́: Akọ̀wé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa obìnrin tó ń yan ẹja, Ẹ̀pẹ́
Ó dá lórí: Ibi tí iṣẹ́ dé, ohun tó fà á tó fi pẹ́, àti àkókò tuntun tí a ń tọrọ

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀,

A kí yín kú iṣẹ́, a sì kí yín kú ìnáwó lórí wa. Oṣù yìí gan-an ló yẹ kí a pè yín wá ṣí ilé ìyanja náà. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ààrò 12 la ṣèlérí, 5 ló dúró lónìí tí iná ń jó nínú wọn. Páànù ti bo ìdajì ilé, ìdajì yòókù ṣì ń wo ojú ọ̀run. A ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí yóò máa fà á sókè kò tíì sí. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí a kọ sínú ètò, ẹyọ kan péré la ti ṣe.

Láti oṣù Keje ló ti yẹ kí ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu wa. A dákẹ́ nítorí a rò pé a ó sáré bá àkókò kí ẹ tó béèrè. Kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dárí jì wá. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níhìn-ín, èyí tí ojú ọjọ́ fà àti èyí tí àwa fúnra wa fà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi

Oṣù Kejì lowó àkọ́kọ́ wọlé. Èrò wa ni pé kí ìpìlẹ̀ ti yọrí sókè kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí àwọn bíríkìlà ṣe ta okùn tán báyìí ni ẹ̀ka kan nínú ẹbí tó fún wa nílẹ̀ dé, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ sí i. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Olórí ẹbí nìkan ló fọwọ́ sí ìwé wa, a ò sì béèrè bóyá àwọn ẹ̀ka yòókù gbọ́. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí lágbègbè wa mọ̀ pé ìbéèrè tí à ń kọ́kọ́ bi ẹbí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méje la fi ń lọ tí à ń bọ̀ láàrin ilé wọn àti ilé baálẹ̀. A ò san owó ìtanràn kankan. Ìwé tuntun tí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí, àti owó awọnlẹ̀ tó tún ilẹ̀ náà wọ̀n, ló gba ₦480,000.

Ìgbà tí a máa padà sídìí iṣẹ́, oṣù Karùn-ún ti ń parí lọ. Ẹ mọ ohun tí oṣù Kẹfà máa ń ṣe létí ọ̀sà wa. Kòtò ìpìlẹ̀ kò tíì jìn ju orúnkún lọ tí omi fi ń sun jáde. A gbọ́n ọn, ó tún kún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò àrọ̀mọ́jú, mo dé ibẹ̀ mo bá àwọn ọmọ epìyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú kòtò tó yẹ kí a ti da kọnkéré sí. Ọ̀sà ti gba ẹ̀yìn wọlé tọ̀ wá.

Ibi tí a fẹ́ nìyẹn, nítorí ọkọ̀ àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí tòsí, Ọjà Olúwo kò sì jìnnà síbẹ̀. A ṣì gbà pé ibi tó dára ni. Àṣìṣe wa ni pé a ò mú ẹnikẹ́ni wá wo ilẹ̀ náà lásìkò òjò kí a tó kọ iye owó tí a máa ná. Típà iyẹ̀pẹ̀ pupa 14 la fi kún un, ₦80,000 lórí típà kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,120,000. Kò sí nínú ètò. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ dá ₦480,000 nínú rẹ̀. ₦640,000 yòókù, inú owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ la ti yọ ọ́, a ò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ìwé àdéhùn sọ pé kí a kọ̀wé kí a tó gbé owó ibì kan lọ síbòmíràn. A kà á, ó sì yé wa. Omi ń wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ dúró, ìgbìmọ̀ ní ká ná an ná, a ó sọ fún yín tó bá yá. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, n kò sì takò ó.

Ààrò mẹ́rin tí a wó

Èyí ló dùn wá jù. Irú ààrò tí a yàn ni èyí tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn apẹja ní Thiaroye, lórílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, jọ gbé jáde. Ààrò Chorkor tí wọ́n ti ń lò ní Gánà tipẹ́ ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n fi àwo tó ń gba ọ̀rá kún un. Nínú dúrọ́ọ̀mù tí a ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rá ẹja ń kán sórí iná ni, ibẹ̀ sì ni èéfín dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹja ti ń wá, èyí tí àwọn onímọ̀ sọ pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí àwo yẹn la ṣe kọ̀wé sí yín lákọ̀ọ́kọ́.

Bíríkìlà tí a gbà mọ ilé í kọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ààrò rí. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì ló fi mọ mẹ́rin àkọ́kọ́, bí ẹni ń mọ ògiri yàrá. Nínú oṣù Kẹjọ, a to àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún sórí wáyà, a dáná sí méjì láti dán wọn wò. Kò pé wákàtí méjì tí a gbọ́ “pá!” láti inú ọ̀kan. Ògiri rẹ̀ là láti ẹnu ọ̀nà iná títí dé òkè, ìka ọwọ́ mi wọ ibi tó là. Kò pẹ́ tí ìkejì náà fi là. Èéfín tó yẹ kó gba àárín ẹja kọjá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bọ̀ lójú wa. Sìmẹ́ńtì kì í fara da iná tó ń gbóná tó sì ń tutù lójoojúmọ́. Amọ̀ tí a pò mọ́ yanrìn ló ń gbà á.

Àwọn kan nínú wa ní ká rẹ́ ibi tó là, ká ya fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká fi ránṣẹ́ sí yín. Ìyá kan tó dàgbà jù wá lọ wà níbẹ̀, ó ti ń yan ẹja láti kékeré, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣomi látàrí èéfín. Ó ní, “Ẹni tó bá rẹ́ ẹ, kó mọ̀ pé inú rẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ máa ti yanja o.” Kò sẹ́ni tó fèsì. Lọ́jọ́ kejì a wó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan méjì tí kò tíì là. Lẹ́yìn tí a yọ ilẹ̀kùn irin, wáyà àti àwo padà, ohun tó ṣòfò jẹ́ ₦1,080,000.

Bàbá kan tó ti ń mọ ààrò búrẹ́dì fún ọ̀pọ̀ ọdún la mú wá kọ́ bíríkìlà náà bí wọ́n ṣe ń po amọ̀. Bíríkìlà fúnra rẹ̀ gbà láti gba ìdajì owó ọwọ́. Márùn-ún tó wà nílẹ̀ lónìí, àwọn méjèèjì ló jọ mọ ọ́n, kò sì sí èyí tó là nínú wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti ń lò wọ́n.

Ohun tí a ti rí nínú márùn-ún yìí

Nínú àwa 46, àwa 17 ló ń lò ó báyìí, a ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. A ń kọ ọ́ sínú ìwé: ẹja tí à ń fi ìdì igi 4 yan nínú dúrọ́ọ̀mù, ìdì 2 ló ń gbà nínú ààrò. Ẹja ń pọ́n dáadáa, kì í dúdú. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í so ìborùn mọ́ imú mọ́ tó bá jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: àwọn oníbàárà ò tíì fi nǹkan kún owó tí wọ́n fi ń rà á. A kọ ọ́ sínú ètò pé iye owó yóò lọ sókè, kò tíì lọ.

Owó

₦13,020,000 la ti gbà nínú ₦18,600,000. A ti ná ₦11,870,000 báyìí:

Ìpìlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ àti òrùlé, ₦4,310,000
Ààrò, pẹ̀lú àwọn tí a wó, ₦3,240,000
Kànga ẹ̀rọ, ₦2,900,000
Ìwé ilẹ̀ àti awọnlẹ̀, ₦480,000
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ₦360,000
Ọkọ̀ àti àbójútó, ₦580,000

₦1,150,000 ló kù ní báǹkì. Owó tí àwa fúnra wa dá kò sí nínú ìṣirò yìí.

Tí a bá fi ₦5,580,000 tó kù lọ́dọ̀ yín kún un, ₦6,730,000 la máa ní. Ààrò kan tí a ṣírò sí ₦360,000 ti di ₦432,000, nítorí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ àti irin ti wọ́n. Òrùlé àti ilẹ̀ ilé tó kù yóò gba ₦1,900,000. Ẹ̀rọ omi, páànẹ́ẹ̀lì sólà àti táǹkì yóò gba ₦1,450,000. Ọkọ̀ àti àbójútó, ₦360,000. A fẹ́ dá ₦640,000 padà sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nítorí ààrò tó dára lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó kò yàtọ̀ sí dúrọ́ọ̀mù. Ohun tó kù tó ààrò 5 sí i, ₦220,000 yóò sì ṣẹ́kù fún àìròtẹ́lẹ̀. Tí a bá ní ká ṣe 7 kó lè pé 12, owó yóò fi ₦644,000 dín.

Àkókò tuntun

Ọyẹ́ ni a gbójú lé. Amọ̀ tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbẹ lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá alààrò sọ pé yóò gbà lásìkò ọyẹ́. Òrùlé yóò parí nínú oṣù Kejìlá. Oṣù Kìíní 2026 la máa mọ ààrò márùn-ún yòókù, a ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, a ó sì dáná sí wọn nínú oṣù Kejì. Ẹ̀rọ omi náà yóò wọlé nínú oṣù Kejì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta yóò wáyé nínú oṣù Kẹta, kí òjò tó dé. Ìròyìn ìkẹyìn yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Ohun tó lè da èyí rú ni òrùlé: tí káfíńtà bá kọjá oṣù Kejìlá, gbogbo rẹ̀ yóò sún síwájú, a ó sì kọ̀wé sí yín láàrin ọ̀sẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀.

Ohun tí a ń tọrọ

A ń tọrọ kí ẹ sún òpin iṣẹ́ náà sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, 2026, kí ẹ sì gbà kí ààrò jẹ́ 10 dípò 12. A kò tọrọ owó kún owó. Ní ti ₦640,000 tí a gbé láìgbàṣẹ, ẹ̀yin lẹ máa pinnu. Bí ẹ bá ní kí a dá a padà láti inú àjọ wa, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé a ó san án láàrin oṣù mẹ́jọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ pín owó ìkẹyìn sí méjì, kí ẹ fún wa ní ìdajì lẹ́yìn òrùlé àti ìdajì lẹ́yìn tí a bá dáná sí ààrò, a gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dà rìsíìtì 63, ìwé ilẹ̀ tuntun, ìwé ìpàdé ọjọ́ tí a gbé owó, àti fọ́tò àwọn ààrò tó là wà pẹ̀lú ìwé yìí. A fẹ́ kí ẹ wá wò ó fúnra yín. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ń ná Ọjà Olúwo, iná máa ń wà nínú ààrò láti aago mẹ́fà ìdájí, ẹ ò sì ní láti sọ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó wá. Ẹ jọ̀wọ́, a nílò èsì yín kó tó di ọjọ́ 28 oṣù yìí, nítorí káfíńtà ti ní iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ wọ̀ nínú oṣù Kejìlá bí a kò bá fún un ní owó ìdúró.

Tiyín ní tòótọ́,

Akọ̀wé ẹgbẹ́
Alága àti akápò ti kà á, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i.