Kí Ẹ̀kọ Tó Gbẹ: lẹ́tà lórí eré kàtúùnù tuntun fún ọmọdé

Ìṣàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo
12 Oṣù Kẹta, 2025

Sí Olùdarí Ètò Ọmọdé

Ẹ̀yin Màmá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó ọmọ. Mo rí ìkéde yín pé ẹ ń wá eré kàtúùnù fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, èyí tí a fi Yorùbá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe èyí tí a kàn fi ohùn Yorùbá lé lórí. Èmi àti ayàwòrán mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo níbí ti ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ni *Kí Ẹ̀kọ Tó Gbẹ*. Apá mẹ́tàlá ni, ìṣẹ́jú mọ́kànlá sì ni apá kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn náà ní ṣókí

Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún méje, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aláró àdìrẹ l'Óṣogbo. Ohunkóhun tó bá fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ a máa dìde, a máa rìn jáde, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀kọ láfún ara rẹ̀ bá ṣì tutù. Àṣàkẹ́ gbọ́dọ̀ dá a padà sí àyè rẹ̀ kí oòrùn tó gbẹ ẹ̀kọ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú aṣọ yóò ṣófo, Ìyá Àgbà yóò sì béèrè ẹni tó jẹ bátànì òun.

Ibi tí a ti mú un

Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí yóò mọ̀ pé a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òfin yìí sílẹ̀. Wọ́n á ro láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ tàbí ìgbálẹ̀ ya bátànì sójú aṣọ funfun, wọ́n á sá a sóòrùn. Bó bá ti gbẹ, ó kan aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í wọ ibẹ̀; bí a bá ha ẹ̀kọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, bátànì yóò yọ. Nítorí náà, oòrùn ni aago tó ń lé Àṣàkẹ́ káàkiri ìgboro. A kò ní gbé aago kankan sójú tẹlifíṣàn. Ara ẹ̀dá tó jáde látinú aṣọ ni ọmọ yóò máa wò: ó ń dán nígbà tó tutù, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, orúnkún rẹ̀ á le, lẹ́yìn náà a ó gbọ́ kíké tí ẹ̀kọ máa ń ké bó bá ń sán. Ọmọ ọdún márùn-ún tí kò tíì mọ aago wò yóò mọ̀ pé àsìkò ti ń lọ.

Àwọn tó wà nínú rẹ̀

Àṣàkẹ́ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó fẹ́ kí Ìyá Àgbà gbé aṣọ oníbàárà lé òun lọ́wọ́, Ìyá Àgbà sì ń fún un ní àjákù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Mùsílíù, ọmọ ilé kejì, ẹni ọdún mẹ́jọ, tó gbọ́dọ̀ dé ilé kéwú ní ìrọ̀lẹ́ bó ti wù kí ọ̀rọ̀ gbóná tó. Ìyá Àgbà kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ bá ọmọ wí, orin ló ń dá.

Lékeléke ni ẹ̀dá tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Àṣàkẹ́ yà á, ó jáde, ẹ̀kọ sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu níta. Láti ọjọ́ náà, kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Gángan ló ń fi sọ̀rọ̀: ó há a mọ́ abẹ́ ìyẹ́, ẹnu rẹ̀ tó ti dì ló fi ń ṣe kọ̀ǹgọ́. Ọmọ Àyàn láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni yóò lu gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì ní sí àkọlé tó túmọ̀ rẹ̀. Àṣàkẹ́ ni yóò máa dá a lóhùn lọ́nà tí ọmọ ilé á fi mọ ohun tí ìlù wí. Bó bá di apá kẹrin tàbí ìkarùn-ún, mo gbà gbọ́ pé ọmọ yóò ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù kí Àṣàkẹ́ tó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni kàtúùnù tí a fi ohùn lé máa ń já ọmọ wa kulẹ̀. Àwòrán ẹnu tí àwọn ayàwòrán ń lò káàkiri, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Bí òṣèré bá pe “gbágbá”, ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kí wọ́n tó já, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì wọlé díẹ̀. Nínú àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, ẹnu ti là sílẹ̀ kí ohùn tó dé. Bákan náà ni “p” tiwa. A jókòó ti dígí, a pe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ya ẹnu tiwa: ọ̀kọ̀ọ̀kan fún fáwẹ̀lì méjèèje, ọ̀kan pàtó fún “gb” àti “p”, àti èyí tí imú ń bá ẹnu ṣe. Orin náà, ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ wà kí ohùn orin tó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dá orin àlọ́. Ọmọ tó bá kọ ọ́ nínú ilé ń kọ Yorùbá tó ṣe é sọ lẹ́nu.

Bí ìtàn ṣe ń lọ

*Apá kìíní, Lékeléke.* Oníbàárà kan ti san owó sílẹ̀ fún aṣọ Olókun. Ìyá Àgbà dìde lọ sí Ọjà Ọba lọ ra ẹ̀lú, ó ní kí Àṣàkẹ́ máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí aṣọ. Igun kan ṣófo lójú aṣọ náà, kékeré báyìí. Àṣàkẹ́ mú ìyẹ́, ó ya lékeléke síbẹ̀. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí ọrùn rẹ̀ ti gbéra. Wọ́n lé e gba orí páànù, wọ́n lé e gba ẹ̀yìn ilé kéwú, wọ́n lé e dé afárá. Ibẹ̀ ni ẹyẹ náà ti rí àwọn lékeléke gidi tó ń tẹ̀ lé màlúù, ó sì bà sáàárín wọn, inú rẹ̀ dùn, kò fẹ́ lọ. Bí Àṣàkẹ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oòrùn ti kan orí. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, ó wo igun aṣọ náà pẹ́, kò sọ nǹkan kan, ó sì dá orin.

*Apá kejì, Ìjàpá l'Ọ́jà Ọba.* Ìjàpá ti ronú rẹ̀ dáadáa: oòrùn ló ń gbẹ ẹ̀kọ, òun kò sì ní kúrò lábẹ́ ìbòòji. Ó wọ abẹ́ tábìlì aláta, ó ń gbowó ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn èkúté. Ọgbọ́n ni wọn yóò fi mú un jáde, kì í ṣe agbára.

*Apá kẹta, Òpó Mápó.* Nínú aṣọ Ìbàdàndùn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà níbẹ̀. Ọ̀kan jáde, ó ní àárò ilé ń sọ òun. Ó gba ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ, ó ń fọ́ ọ̀nà bó ṣe ń lọ, ó sì ń bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má bínú.

*Apá kẹrin, Òjò.* Ẹ̀kọ kò gbẹ lọ́jọ́ náà, ó ń ṣàn ni. Ejò tó jáde ń kúrú sí i.

*Apá kẹfà, Ewúrẹ́ Mùsílíù.* Mùsílíù kò mọ àwòrán yà. Ewúrẹ́ tó yà ní ẹsẹ̀ márùn-ún, ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín, Mùsílíù sì bínú lọ sílé. Ẹsẹ̀ karùn-ún yẹn ni ewúrẹ́ fi sá já gbogbo wọn sílẹ̀, kò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó yà á. Àṣàkẹ́ gbọ́dọ̀ lọ kan ìlẹ̀kùn ilé kejì, kó sì tọrọ àforíjì níṣojú ìyá Mùsílíù. Apá yìí ni ọkàn mi fà sí jù lọ.

*Apá kẹwàá, Ọyẹ́.* Ọyẹ́ dé, ẹ̀kọ ń gbẹ wéré. Gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ apá náà wáyé láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá gan-an.

*Apá kẹtàlá, Aṣọ Oníbàárà.* Oníbàárà dé. Lékeléke ní òun yóò padà sínú aṣọ, ó sì lu ọ̀rọ̀ ìdágbére. Àṣàkẹ́ ti gbé omi wá láti tú ẹnu rẹ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà dé bá wọn. Kò béèrè ohunkóhun. Ó gbé ìyẹ́ lé Àṣàkẹ́ lọ́wọ́, ó ní kó ya ohun mìíràn sí igun náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Àṣàkẹ́ yóò fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà pẹ̀lú àṣẹ.

Ìlànà gbogbo apá yòókù wà nínú ìwé tí mo fi mọ́ èyí.

Ojú àwòrán

Láti ìgbà tí Dúró Ládipọ̀ ti dá ilé iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, tí Jímọ̀ Bùráímọ̀, Múráínà Oyèlámì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti jáde láti ibẹ̀, Òṣogbo ti ní ojú tí a fi ń ya ènìyàn àti ẹranko. Ojú náà la ń lò. Aró nìkan ni àwọ̀ gbogbo ẹ̀dá inú aṣọ, láti òféfèé dé dúdú. Àdìrẹ gidi tí àwọn aláró gbà wá láyè láti yà sórí kọ̀ǹpútà ló wà lẹ́yìn wọn.

Ìdílé mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló jọ ń gbé àdúgbò wa, wọn yóò sì jọ wo eré yìí. A kò ya ojú òrìṣà, a kò sì gbé kámẹ́rà wọ ojúbọ. Ìtàn ìkòkò aró Ọ̀ṣun tí igi wó lù wà ní apá kejìlá, Ìyá Àgbà ló fi ẹnu sọ ọ́ fún àwọn ọmọ lálẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa.

Ohun tí a ń béèrè

Àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, apá kan yóò jẹ́ 16,500. A máa ń jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún méjì, a sì ń gé ara ẹ̀dá ní oríkèé-oríkèé kí a lè lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, ènìyàn mẹ́rin nílò oṣù mẹ́rìnlá fún apá mẹ́tàlá. Àwọn tó ń fi ohùn ṣeré àti onílù gbọ́dọ̀ gba owó wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́. Èmi kò ní yí ìyẹn padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe apá kìíní. Ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlù, wà lórí fíláàṣì inú àpòòwé yìí. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ̀yin ni yóò ní ẹ̀tọ́ láti gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ àti àwòrán wọn yóò jẹ́ tiwa. Ètò ìnáwó wà ní ojú ewé kẹsàn-án.

Mo lè wá bá yín ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, èmi àti onílù.

Èmi ni tiyín,
Adéọlá
Òǹkọ̀wé àti olùdarí eré