Ìwé Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Lórí Àṣà àti Àìsàn: Ìyá Ẹlẹ́wà láti Pàlìmé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹta 2024. Kílíníkì àìsàn ọpọlọ, Ìbàdàn.

Aláìsàn: Yáwà (orúkọ ìdílé rẹ̀ wà nínú fáìlì), obìnrin, ọmọ ọdún 43. Ewé ni, láti Pàlìmé ní orílẹ̀-èdè Tógò. Ọdún 2007 ló dé Ìbàdàn. Ó ń ta ẹ̀wà Àgànyìn ní Ọ̀jọ́ọ́. Ọmọ méjì. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà ní Èkó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wá kí n tó rí i. Ohun tó wà nínú fáìlì ni pé kì í rí oorun sùn, pé àyà rẹ̀ ń já, pé ó sì "ń gbọ́ ohùn". Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní oògùn tí a ń fún ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ọrùn rẹ̀ gan, ó da oògùn nù, a ò sì rí i fún oṣù méjì. Yorùbá ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó tó o. Èmi náà lè má bi í, torí ó ń sọ ọ́ geere: "ṣé kí n bu ata lé e?", "ẹ wá ṣéńjì wá". Àmọ́ Yorùbá tí èèyàn fi ń ta ẹ̀wà kọ́ ló máa fi ṣọ̀fọ̀.

Ìbéèrè 16 lórí àṣà àti àìsàn tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013 ni mo mú lọ́wọ́, pẹ̀lú díẹ̀ nínú àfikún tó wà fún àwọn tó ṣí wá láti ìlú mìíràn. N kò bi wọ́n ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Nípa ògbufọ̀

Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 14, ló tẹ̀lé e wá, ó sì ti gbára dì láti máa túmọ̀. Mo ní kó lọ dúró de ìyá rẹ̀ níta. Kò yẹ kí ìyá gba ẹnu ọmọ sọ pé ayé sú òun. Ẹnìkan dábàá tíṣà Faransé, nítorí Faransé ni èdè ìjọba lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kíláàsì kẹta ni Yáwà ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹlòmíràn mẹ́nu kan télọ̀ ará Tógò kan ní Mọ́kọ́lá. Yáwà mi orí: "Bó bá gbọ́ ọ láàárọ̀, ìpàdé wa á gbọ́ ọ lálẹ́."

Ẹni tí a wá rí ni ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ewé láti Kẹ́tà ní Gánà, tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1979. Mọ̀mí ni a ń pè wọ́n. Ewé tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Pàlìmé, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ara wọn, kò sì sí nínú ìpàdé àwọn ará Tógò. Èmi àti Mọ̀mí jókòó fún ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. A fẹnu kò pé bí Yáwà bá ní "mo", kí àwọn náà ní "mo", kí wọ́n má ṣe sọ pé "ó ní". Bí ọ̀rọ̀ bá rí gbágungbàgun, kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá ní ojúgbà ní Yorùbá, kí wọ́n kọ́kọ́ pè é ní Ewé. Kò sì gbọdọ̀ jáde níbí. A to àga mẹ́ta bí àdìrò, kí èmi àti Yáwà lè máa wo ojú ara wa.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Èmi: Ẹ káàbọ̀, mà. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó ń ṣe yín bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe mọ̀ ọ́n. Kò sí ìdáhùn kan tó tọ̀nà ju òmíràn lọ. Orúkọ wo ni kí n máa pè yín?

Yáwà: Níbí, Ìyá Àgànyìn ni. Yáwà ni orúkọ mi, torí Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí mi. Ọdún tí mo dé ni mo sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní "yáwà ti gás". Mi ò sọ ọ́ mọ́.

Èmi: Ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ fẹ́?

Yáwà: Yáwà.

Èmi: Kí ló gbé yín wá?

Yáwà: Oorun. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí gbé ẹ̀wà kaná. Kí n tó jí báyìí, màmá mi á pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan. "Yáwà!" Mo máa dáhùn, mi ò ní rí ẹnikẹ́ni. Àyà mi á wá máa gbóná, bí ìgbà tí ata bá fẹ́ jóná nínú epo. Ó máa wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi: Ṣé wọ́n máa ń sọ nǹkan mìíràn? Ṣé wọ́n ń rán yín níṣẹ́? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ wọn lọ́sàn-án?

Yáwà: Rárá. Orúkọ mi nìkan. Bí ojú mi bá là tán, ó parí.

Èmi: Nígbà tí wọ́n bi yín níjọ́sí ńkọ́?

Yáwà: Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn màmá mi ni mò ń gbọ́. Mo rò pé wọ́n ti mọ̀ pé ó ti kú.

Mo dúró díẹ̀ níbí. Mọ̀mí náà dákẹ́.

Èmi: Bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilé ní Pàlìmé, kí lẹ máa pè é?

Yáwà: Mi ò ní pè é ní àìsàn. Màá ní gbèsè ni mo jẹ. Oṣù Kìíní 2020 ni màmá mi kú. Ẹ̀yin ti ti bodè láti Oṣù Kẹjọ ọdún tó ṣáájú. Àwọn kan ń gba inú igbó kọjá. Èmi ò lówó ọ̀nà igbó, mo ní kí n dúró kí wọ́n ṣí i. Kòrónà tún dé. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀. Wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Èmi ni àkọ́bí obìnrin, iṣẹ́ wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọwọ́ mi ló yẹ kó ṣe é. Kò tíì ráyè jókòó níbi tó lọ, ìdí tó fi ń pè mí nìyẹn.

Èmi: Kí ni àwọn ẹlòmíràn ń sọ pé ó fà á?

Yáwà: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ bá bókọ̀nọ̀, ó ní kó bá mi dá Afá.

Èmi: Ifá?

Yáwà: Afá. (Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.) Ìyá mi máa ń sọ pé láti Kétu ni àwọn baba wa ti wá. Ẹ̀yin náà ni Kétu. Ọmọ ìyá kan ni wá, ẹ̀yin lẹ gbàgbé.

Ó ní Afá sọ pé kí òun wálé fúnra òun. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ní ọdẹ orí ni, kó lọ wá àgbo. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ní ẹ̀mí omi ni, àti pé "ẹ̀yin Àgànyìn lẹ ni ín". Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ pẹ̀lú oògùn wa nínú rẹ̀. Kílíníkì ní orí rẹ̀ ni. Èèyàn mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin, ti Afá nìkan ló sì bá ti òun fúnra rẹ̀ mu.

Èmi: Èwo ló dùn yín jù nínú gbogbo rẹ̀?

Yáwà: Ti pásítọ̀. Mo rò pé a jọ ń sin Ọlọ́run kan náà ni.

Èmi: Kí ló dẹ́rù bà yín jù báyìí?

Yáwà: Kí àwọn oníbàárà mọ̀. Ta ló máa jẹ ẹ̀wà tí wèrè sè? Tí mo bá ń bọ̀ níbí, máíkírà kejì ni mo máa ń wọ̀, màá sọ̀ kalẹ̀ lókèèrè, màá fi ẹsẹ̀ rìn tó kù. Ọjọ́ kan nọ́ọ̀sì ké sí wa ní kọ́ńtà: "Àwọn tó fẹ́ gba oògùn wèrè, ẹ bọ́ síhìn-ín!" Mo yí padà, mo lọ sílé. Tí èmi bá jẹ́ Yorùbá, wọ́n á ní Ìyá Lágbájá ni ara rẹ̀ ò yá. Tó bá jẹ́ èmi, wọ́n á ní "Àgànyìn náà ti ya wèrè".

Èmi: Ní Pàlìmé ńkọ́?

Yáwà: Wọ́n á ní ó lọ wá owó, ó sọ orí nù. Owó náà gan-an kò sí mọ́. Láti ìgbà tí náírà ti já, ohun tí mo fi ń ránṣẹ́ kò di nǹkan kan tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí sẹ́ẹ̀fà. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mo ń jẹ ẹ́ ni.

Mo bi í ní gbangba bóyá ó ti rò ó rí pé kí òun kú. Mo ti kìlọ̀ fún Mọ̀mí ṣáájú pé màá béèrè, kí wọ́n má fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní ó máa ń ṣe òun bíi kí òun dáhùn ìpè náà kí òun sì lọ, pàápàá lọ́jọ́ tí ọjà kò bá tà. Kò tíì ṣètò ohunkóhun. Àwọn ọmọ ló ń dá a dúró. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀.

Èmi: Kí ló máa ń mú un rọlẹ̀ díẹ̀?

Yáwà: Tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, mo máa ń kọ orin òkú wa. Jẹ́jẹ́ ni, torí àwọn aládùúgbò.

Èmi: Yorùbá lèmi, ọmọ Ìbàdàn. Ṣé ìyẹn mú kí ohun kan ṣòro fún yín láti sọ?

Ó wo Mọ̀mí, ó wò mí, kò tètè fèsì.

Yáwà: Ẹ má bínú, dọ́kítà. Ẹ̀yin Yorùbá, oníbàárà mi ni gbogbo yín. Ohun tó máa dùn mọ́ yín nínú ni mo máa ń sọ.

Èmi: Ìrànlọ́wọ́ wo lẹ rò pé yóò wúlò jù?

Yáwà: Kí n sùn. Kí n lọ sílé lọ ṣe é. Kí ẹ má sì kọ ọ́ sí ara káàdì.

Lẹ́yìn tó jáde

Mọ̀mí sọ nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn túmọ̀ sí "gbèsè" wúwo ju ti owó lọ, ó jẹ mọ́ ohun tí ọmọ jẹ òbí. Ìkejì, nígbà tí Yáwà ń sọ̀rọ̀ nípa orúkọ rẹ̀, ọdún 1983 tí wọ́n lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà ló padà wá sọ́kàn àwọn, ó sì ṣe é ṣe kí ohùn àwọn ti gbọ̀n nínú ìtumọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ògbufọ̀ kì í ṣe páìpù tí omi kàn ń gbà kọjá. A ó jókòó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan.

Èrò mi

Ìpè ìdájí yìí kò jọ àìsàn tó ń mú èèyàn gbọ́ ohùn. Ó ń wá nígbà tí oorun ń dá, gbólóhùn kan ni, kò pàṣẹ, ó sì bá ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ gbà gbọ́ nípa òkú mu. Ọ̀pọ̀ ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ló ń gbọ́ irú rẹ̀, Yorùbá náà wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí àṣà sọ pé kò sí nǹkan. Ọdún mẹ́rin ti kọjá, kò sùn, kò gbádùn oúnjẹ, ikú ń wá sí i lọ́kàn. Ọ̀fọ̀ tó pẹ́ ju bó ṣe yẹ ni, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì wà lórí rẹ̀. Ìtìjú kílíníkì àti ti jíjẹ́ àjèjì ń dì í mọ́lẹ̀ pa pọ̀.

Ohun tí a máa ṣe

A kò ní dá oògùn tó mú ọrùn rẹ̀ gan padà. Mo ti bá dọ́kítà àgbà sọ̀rọ̀ lórí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á rí i lónìí kó tó lọ. Mo kọ àtúnṣe sí iwájú fáìlì pé ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú ni, ní ìdájí, pé a kò gbọdọ̀ tún bi í láìsí ògbufọ̀. Ó gbà kí a sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kí ọkọ sì máa sùn sílé lópin ọ̀sẹ̀. Nọ́ńbà wa wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ tí ìpè náà bá ń fà á. Káàdì tuntun kò ní orúkọ ẹ̀ka wa lára. Mo ti bá olórí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa igbe orí kọ́ńtà, inú wọn kò dùn sí mi.

Ní ti ìrìn àjò: ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS ni, àdéhùn ọdún 1979 fún un láyè láti lọ kó sì bọ̀ láìsí físà, ṣùgbọ́n ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ ti kú. Òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re wa yóò bá a tọ́ ọ. Títí di ìgbà náà, ó fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù láti ọ́fíìsì wa, kí Mọ̀mí wà níbẹ̀, kó bi í bóyá ohun kan wà tí òun lè bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn níbí.

Mo fi Ọjọ́ Ajé lọ̀ ọ́. Ó ní rárá, bí a bá lè fún òun ní Ọjọ́bọ̀. 28 Oṣù Kẹta, aago mọ́kànlá, lẹ́yìn tí ẹ̀wà bá ti tà tán.