Bí a ṣe ń yẹ oríkèé ìbàdí wò: fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ ó dúró nídìí ibùsùn aláìsàn fún ìdánwò, ọ̀pọ̀ yín ló sì sọ fún mi pé ìbàdí ló ń bà yín lẹ́rù jù. Mo mọ ohun tó fà á. Orúnkún wà níta gbangba, ojú rí i, ọwọ́ kàn án. Oríkèé ìbàdí sin sínú ẹran. Ó lè wú kí ẹ má rí i. Ohun tí eegun ìbàdí, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ bá ń ṣe la fi ń mọ ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tí mo wà ní ipò yín, mo gbé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan síta, mo sì kéde pé ó lọ dé dìgírì 40. Olùkọ́ mi ò bá mi jà. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé góńgó eegun ìbàdí aláìsàn náà níwájú, ó ní kí n tún un ṣe. A ò tíì dé dìgírì 10 tí eegun náà ti ń yí tẹ̀lé ẹsẹ̀. Oríkèé ti gan pátápátá, eegun ìbàdí ló ń bá a rìn. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni láìdi eegun ìbàdí mú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ kí i, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ bèèrè orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí. Mo fẹ́ yẹ ìbàdí yín wò. Màá ní kí ẹ rìn díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó dùbúlẹ̀ kí n lè gbé ẹsẹ̀ yín. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Bó bá dùn yín, ẹ wí, màá dúró." Ẹ ní kí ẹnì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà níta láti ìbàdí dé ọmọ ìka, kí ẹ sì fi aṣọ bo ohun tó yẹ ká bò.

Ẹ ní kó fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún. Bó bá tọ́ka sí ibi tí itan ti pàdé ikùn, ẹ fura sí oríkèé gan-an. Bó bá fọwọ́ lé ìdí lẹ́yìn, ẹ rántí ẹ̀yìn. Ìrora ìbàdí tún máa ń bọ́ sí orúnkún, torí iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Ọmọ tó ń tiro, tó ní orúnkún ló ń dun òun, ẹ yẹ ìbàdí rẹ̀ wò.

Ní ìdúró

Ẹ ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀. Ẹni tí ìrora ń mú kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tí ẹran ìdí rẹ̀ kò lágbára á máa fì sí ẹ̀gbẹ́ bó ti ń gbé ẹsẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ tó fi di ọ̀pá mú: ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ló yẹ. Ẹ wò ó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn: àpá abẹ, ẹran ìdí tó ti rù, ẹ̀yìn tó tẹ̀ ju bó ti yẹ.

Ìdánwò Tirẹńdẹlẹ́ńbọ́ọ̀gì ló kàn. Ẹ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kó fọwọ́ lé yín ní èjìká, kí ẹ fi ọwọ́ lé góńgó eegun ìbàdí méjèèjì. Ẹ ní kó fi ẹsẹ̀ kan dúró, kó tẹ orúnkún kejì sẹ́yìn, fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ara bá dá, ẹran ìdí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ á fa eegun ìbàdí, apá kejì á sì gbéra díẹ̀. Bí apá kejì bá wálẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi dúró ló ní àìsàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á dárúkọ apá tó wálẹ̀. Ìrora nìkan náà lè mú kó wálẹ̀, ẹ rántí ìyẹn.

Ní ìdùbúlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ gún, kí góńgó méjèèjì wà lórí ìlà kan. Ẹsẹ̀ tó kúrú tó sì yí síta lẹ́yìn ìṣubú, ọrùn eegun itan ló ṣeé ṣe kó ti kán. Ẹ má gbé e, èkísíréè ló kàn. Èyí tó kúrú, tó yí sínú, tó sì fara mọ́ ẹsẹ̀ kejì, ó jọ pé orí eegun ti yẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ fi téèpù wọn gígùn gidi láti góńgó eegun ìbàdí dé kókósẹ̀ inú. Ẹ wọn gígùn tí ojú rí láti ìdodo dé ibẹ̀ kan náà. Bí ẹsẹ̀ kan kò bá lè nà tán, ẹ tẹ́ èyí tó dára bíi tirẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Gígùn gidi tó bára mu nígbà tí èyí tí ojú rí kò bára mu, eegun ìbàdí tó fì ló fà á. Bí gígùn gidi bá yàtọ̀, ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè kí gìgísẹ̀ tò pọ̀: orúnkún tó lọ sílẹ̀ ń tọ́ka sí eegun ojúgun, èyí tó fà sẹ́yìn ń tọ́ka sí eegun itan.

Ẹ tẹ kókó eegun itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti iwájú oríkèé, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀.

Ìdánwò Tọ́másì: ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ká ẹsẹ̀ tó dára sókè títí ẹ̀yìn á fi tẹ ọwọ́ yín mọ́ ibùsùn. Bí itan kejì bá gbéra, oríkèé rẹ̀ ti ká, kò lè nà tán. Ẹ wọn igun náà. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ ló ń bo àbùkù yìí mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ ká bá ní oríkèé àtọwọ́dá, ẹ má ṣe é, ó lè yẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ gbé e, kí ẹ tó gbé e. Bí ara bá dá, kíká tó dìgírì 120, gbígbé síta 45, fífà wọlé 30. Fún yíyí, ẹ ká ìbàdí àti orúnkún sí dìgírì 90. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá lọ síta, itan ń yí sínú. Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú. Yíyí sínú ló sábà máa ń kọ́kọ́ dín kù bí oríkèé bá ń gbó, torí náà ẹ farabalẹ̀ fún un.

Fún ọ̀dọ́ tó ń rora, ẹ ṣe ìdánwò Fádà: ẹ ká a dé 90, ẹ fà á wọlé, ẹ yí i sínú. Bí kò bá dùn, ó ṣòro kí ìforígbárí eegun wà níbẹ̀. Bó bá dùn, kò tíì dájú. Fún ìdánwò Fébà, ẹ gbé kókósẹ̀ lé orúnkún kejì, kí ẹ tẹ orúnkún sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìrora níwájú jẹ́ ti ìbàdí. Ìrora lẹ́yìn ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀yìn ti pàdé eegun ìbàdí.

Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ìlù ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti ìmọ̀lára.

Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́

Ẹ dúró gbọn-in, ẹ wo ojú olùdánwò, ẹ má máa wo aláìsàn bíi pé ẹ ń wá ìdáhùn lójú rẹ̀. Báyìí ni mo fẹ́ kó rí:

"Mo yẹ ìbàdí màmá yìí wò, ẹni ọdún 62. Ó ń fi ọ̀pá rìn lọ́wọ́ òsì, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Kò sí àpá abẹ. Ẹran ìdí ọ̀tún ti rù. Tirẹńdẹlẹ́ńbọ́ọ̀gì fi àbùkù hàn nígbà tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró. Gígùn gidi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 84 lọ́tùn-ún, 85 lósì. Ó rora nígbà tí mo tẹ iwájú oríkèé ọ̀tún. Tọ́másì fi hàn pé ìbàdí ọ̀tún kò lè nà tán, ó ku dìgírì 15. Láti ibẹ̀ ó ká dé 90. Kò yí sínú rárá, òsì yí dé 30. Ó lọ síta dé 15, òsì dé 40. Ìlù ẹ̀jẹ̀ àti ìmọ̀lára pé. Gbogbo èyí bá oríkèé ọ̀tún tó ti gbó mu. Màá yẹ ẹ̀yìn àti orúnkún rẹ̀ wò, màá sì bèèrè èkísíréè ìbàdí láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́."

Ẹ kíyè sí i pé mo sọ ohun tí mo rí kí n tó dárúkọ àìsàn. Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ ran màmá náà lọ́wọ́ kó bo ara rẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.