Lẹ́tà sí Àwọn Òbí Nípa Ẹ̀rọ Akàwòrán ti Kíláàsì Kárùn-ún

Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí,
Ọjọ́ 26, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ àwọn ọmọ Kíláàsì Kárùn-ún,

Ọ̀kun o. Mo kí yín kú ọdún, mo sì kí yín kú ọyẹ́. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí ohun tuntun kan tí ó wọ kíláàsì wa ní sáà yìí, tí àwọn ọmọ ti mú ìròyìn rẹ̀ délé kí n tó ráàyè bá yín sọ̀rọ̀. Bàbá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ó ní ṣé òótọ́ ni pé a ti ní fóònù tí ó mọ ohun gbogbo. Ìyá kan ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì tọ́ sí ìdáhùn tó kún, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Orí tábílẹ́ẹ̀tì méjì tí ilé-ẹ̀kọ́ ní ni ẹ̀rọ náà wà. Bí a bá fi kámẹ́rà ya ohun kan tàbí ojú ìwé kan, a lè bi í pé kí ni ó wà níbẹ̀, yóò sì kọ ìdáhùn síta tàbí kí ó kà á sókè. Kò rí nǹkan bí àwa ṣe ń rí i. Àwòrán orí fóònù jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì kéékèèké tí ó tò jọ bí fọ́nrán òwú inú aṣọ, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, láti 0 títí dé 255. Àwọn tí wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó àwòrán tí kò lóǹkà jọ, tí ọ̀rọ̀ sì wà pẹ̀lú wọn, wọ́n fi wọ́n kọ́ ọ títí ó fi mọ irú ìtòjọ nọ́ńbà tí ó máa ń bá ọ̀rọ̀ wo rìn. Nígbà tí ó bá ní ewúrẹ́ nìyí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí a fi hàn án jọ àwọn àwòrán tí wọ́n ti pè ní ewúrẹ́ níwájú rẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ “jọ” yìí mú, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹ̀rọ náà àti gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ti ń wá.

Ibi tí ó ti wúlò fún wa jù lọ ni ìwé kíkà. A ní ọmọ kan nínú kíláàsì tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, òbí rẹ̀ sì gbà kí n mẹ́nu kàn án láìdárúkọ. Láti ọdún tó kọjá, ọmọ tó jókòó tì í ni ó máa ń ka ìwé sí i létí, bí ẹni yẹn kò bá sì wá, ọmọ náà yóò kàn jókòó ni. Nísinsìnyí ó ń ya ojú ìwé fúnra rẹ̀, ó ń sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, ó sì ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀ kan parí láìsí olùrànlọ́wọ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun tún un kà. Bí ẹ̀rọ yìí kò bá ṣe ju èyí lọ, inú mi dùn pé ó dé. Ó tún ń ka lẹ́tà tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ dáadáa, ó sì ń ṣàpèjúwe àwòrán ìwé sáyẹ́ǹsì lọ́nà tí ó ń mú kí àwọn ọmọ béèrè ìbéèrè sí i. Ìwé àfọwọ́kọ máa ń dà á láàmú, àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ sì ń ṣì í lọ́nà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, kò lè ṣe ohunkóhun.

Èdè wa ni mo ní láti sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀. Bí ó bá ń ka ìwé Yorùbá, ó sábà máa ń fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ tí ó jẹ́ olórí ilé, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí ń gbé wa lọ sí Lọ́kọ́ja àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ fi ń gún ẹran kì í ṣe ohun kan náà. Lójú ẹ̀rọ yìí, ó lè kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Nítorí náà, n kò gbà kí ọmọ kankan fi í kọ iṣẹ́ Yorùbá, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe gbà á nílé. Àwọn ohùn inú èdè ìbílẹ̀ wa, ì báà jẹ́ ti Ọwẹ́, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, ẹnu yín ni àwọn ọmọ yóò ti gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú àwọn ohun ilé wa. Ìyá àgbà ọmọ kan fi inú rere yá wa ní aṣọ ìpò kan, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú máa ń lò fún ẹ̀yẹ ìsìnkú àgbàlagbà. Mo ya àwòrán rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ náà ní kápẹ́ẹ̀tì pupa ni. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí, torí pé ọmọ tí kò bá ní ìyá àgbà tí yóò sọ òótọ́ fún un lè gba kápẹ́ẹ̀tì náà gbọ́. Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé wa. Ọ̀kan nínú àwọn àkójọ àwòrán tí ó lókìkí jù lọ tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009, ní àwòrán tí ó tó mílíọ̀nù 14, ṣùgbọ́n orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣà wọ́n jọ, ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá. Ohun tí wọn kò fi han ẹ̀rọ, kò ní mọ̀ ọ́n. Yóò fi í sí abẹ́ ohun tó jọ jù nínú èyí tí ó mọ̀, kò sì ní sọ fún yín pé òun ń méfò.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ewé kajú tí ọmọ kan já wá láti oko bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà pè é ní ewé máńgòrò. Ẹbí kan náà ni igi méjèèjì ní tòótọ́, nítorí náà àṣìṣe yẹn ní ìdí, ó sì di ẹ̀kọ́ fún wa ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tò iṣu 17 sílẹ̀ tí mo ní kí ó kà wọ́n, ó ní 12, nígbà tí mo tún bi í, ó ní 15. Ẹ má ṣe fi í ka ohunkóhun tí iye rẹ̀ ṣe pàtàkì. Mo tún kọ “gààrí” sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike iyọ̀ tí ohun inú rẹ̀ hàn kedere, ẹ̀rọ náà sì ní gààrí ni. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí kan lẹ ìwé tí a kọ orúkọ ẹ̀rọ agbórin kan sí mọ́ ara èso ápù, ẹ̀rọ tí wọ́n ń dán wò sì gba ìwé náà gbọ́ ju èso lọ. Mo fi èyí han àwọn ọmọ kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣeé tàn jẹ.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ohùn kan náà ni ó fi ń sọ òótọ́ àti àṣìṣe. Àgbàlagbà tí nǹkan kò bá dá lójú yóò ní, “Jẹ́ kí n wò ó dáadáa ná.” Ẹ̀rọ yìí kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí ìdí yìí, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ bá rí olú nínú igbó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan sọ fún un pé ó ṣeé jẹ. Bí ejò bá bu ẹnìkan ṣán, ẹ má ṣe dúró ya àwòrán láti mọ irú ejò tí ó jẹ́, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Èélá tàbí egbò ara ọmọ, àti iye oògùn tí ó yẹ kí ó lò, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà ni.

Ní ti fọ́tò, mo ti pinnu pé a kò ní ya ojú ọmọ kankan fún ẹ̀rọ yìí, bí òbí tilẹ̀ gbà. Àwòrán tí a bá yà kì í dúró lórí tábílẹ́ẹ̀tì wa nìkan, ó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sí kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn kí ìdáhùn tó padà wá. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 sì fún òbí àti alágbàtọ́ ní ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí láti kọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lo ìsọfúnni nípa ọmọ wọn. Mo tún ní ìdí mìíràn. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ mẹ́ta tí ń wo ojú ènìyàn wò láti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni. Fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ èyí tó burú jù. Wọ́n ti tún púpọ̀ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò ní fi ojú àwọn ọmọ yín dán an wò.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ọmọ yóò kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ wo nǹkan náà, yóò kọ ohun mẹ́ta tí ó rí sínú ìwé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó bi ẹ̀rọ. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, a ó wá ẹ̀rí: ìwé, nǹkan náà fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó bá já ẹ̀rọ ní koro pẹ̀lú ẹ̀rí ni mo ń yìn jù lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níṣojú mi. Kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá tí ó nílò rẹ̀, nítorí náà bí ọmọ bá ní dandan ni kí ẹ yá òun ní fóònù nítorí iṣẹ́ mi, kì í ṣe èmi ni mo rán an.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ buwọ́ lu ìwé kékeré tí ó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, yálà ẹ gbà kí ọmọ yín máa lo ẹ̀rọ náà tàbí ẹ kọ̀, kí ó sì padà sọ́dọ̀ mi kí ó tó di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2, oṣù Kejì. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kọ̀ yóò máa ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ìwé àti ojú rẹ̀, kò sì ní pàdánù máàkì kankan. Èkejì, bí ọmọ bá mú ìdáhùn ẹ̀rọ wálé, ẹ bi í pé, “Kí ni ìwọ fúnra rẹ rí?” Ẹ̀kẹta, a ń ṣe ìwé àwòrán àwọn ohun ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ yà, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sí lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Bí ẹ bá ní irinṣẹ́ oko, ohun èlò ìdáná tàbí aṣọ tí orúkọ rẹ̀ ti ń di ìgbàgbé, ẹ yá wa fún ọjọ́ kan, ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún ọmọ tí yóò gbé e wá.

Mo ń retí yín nínú kíláàsì ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 6, oṣù Kejì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tábílẹ́ẹ̀tì méjèèjì yóò wà níbẹ̀, kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dán an wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Kíláàsì Kárùn-ún.