Ìtumọ̀ ìwé oúnjẹ tí ẹ yà ránṣẹ́

Àsàlámù àlékúmù, Bàbá Alájì. Ẹ kú ìrìn àjò Guangzhou ní Ṣáínà o, ẹ bá mi kí Díákónì. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Màmá ní kí ẹ má febi sùn.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Sìṣúàn lẹ wọ̀ yẹn, ata ni iṣẹ́ wọn. Àmì ata pupa kan, ata díẹ̀ ni. Méjì, ó ta. Mẹ́ta, kí Díákónì tó lọ́gbẹ́ inú má sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi àmì sára ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an la ń wá. Bí wọ́n ṣe sábà ń se oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ síbí, ẹ ṣì bi wọ́n kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Fọ́tò àkọ́kọ́:

麻婆豆腐, yúànì 28, ata méjì. Wàrà sóyà ni, ó rọ̀ ju tiwa lọ. Ojú rẹ̀ mọ́, àmọ́ ẹran lílọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù. Oríṣi ata méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń ta, èkejì ń mú kí ètè kú. Ìbátan igi orin ata tiwa ni èkejì yìí, ẹni tó bá ti fi orin ata runyín rí ti mọ bó ṣe ń ṣe lẹ́nu.

回锅肉, 42, ata kan. Ẹlẹ́dẹ̀ pọ́ńbélé. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí 肉 láìsí orúkọ ẹranko níwájú rẹ̀, ẹ kà á sí ẹlẹ́dẹ̀.

鱼香茄子, 26, ata kan. Ikàn ni. Wọ́n pe ẹja nínú orúkọ rẹ̀, kò sí ẹja níbẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ni wọ́n sábà ń fi sí i.

宫保鸡丁, 36, ata kan. Adìyẹ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà. Wọ́n ń fi 料酒, ìyẹn ọtí ìdáná, rẹ adìyẹ náà.

水煮鱼, 68, ata mẹ́ta. Wọ́n pè é ní ẹja tí a fi omi sè. Irọ́! Inú òróró pupa tí ata gbígbẹ kún bò ló ń wà.

Fọ́tò kejì:

清蒸鲈鱼, 58, kò ní ata. Odindi ẹja tí wọ́n fi ooru omi sè, pẹ̀lú atalẹ̀ àti ewé àlùbọ́sà. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ jẹ, bí wọ́n bá yọ 料酒 kúrò. Alájì, ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí: 清蒸 tó wà níbí kì í ṣe 清真. 清真 ni ti halali. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra lójú àti létí, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkan pe ìkejì fún yín.

扬州炒饭, 22. Ìrẹsì díndín, ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀.

番茄炒蛋, 20. Tòmátì àti ẹyin, ẹ̀yin méjèèjì lè jẹ ẹ́. Ó lè dùn díẹ̀, wọ́n ń fi ṣúgà sí i.

啤酒鸭, 48. Pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi bíà sè.

酒酿圆子, 15. Ó dà bí ohun ìpanu ọmọdé, omi ìrẹsì tó ti kan di ọtí ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí 酒 nínú orúkọ, ẹ fò ó.

酸梅汤, 10. Omi èso kíkan, kò ní ọtí.

Iná fọ́tò bo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ má ra nǹkan kan níbẹ̀.

Ní ti pípa ẹran, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, Alájì. Kò sí 清真 nínú gbogbo ìwé yìí, nítorí náà mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí adìyẹ tàbí màlúù wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí ẹja àti ẹyin.

Ẹ fi èyí han ẹni tó ń gbé oúnjẹ. Ti Alájì:

我不吃猪肉，不喝酒。菜里请不要放猪肉、猪油、料酒。

Ó sọ pé ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kì í mu ọtí, kí wọ́n má fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ tàbí ọtí ìdáná sí i. Ọ̀rá yẹn ṣe pàtàkì, torí wọ́n lè fi dín ẹ̀fọ́ tí ẹ rò pé kò lẹ́ran.

Ti Díákónì, kò sí ata, kò sí ọtí:

我不能吃辣，也不喝酒。请不要放辣椒、花椒、料酒。

Ẹ ra ẹja 清蒸鲈鱼 kan, 番茄炒蛋 kan, ìrẹsì funfun abọ́ méjì ní 3-3, 酸梅汤 méjì. Yúànì 104 ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè yọ 料酒, ẹ dìde, ẹ wọ takisí, ẹ fi 小北 han awakọ̀. Ilé oúnjẹ àwọn Mùsùlùmí wà ládùúgbò yẹn. Èyí tí ẹ bá rí 清真 lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ ní 牛肉面, kí wọ́n má fi ata sí ti Díákónì.